Bí àdánù iléeṣẹ́ ṣe ń dín owó orí ọdún iwájú kù, àti ibi tí òfin ti pààlà sí i

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, màámá kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi ní ọ́fíìsì mi nítòsí Tákíé. Ó kó rìsíìtì ọdún kan gbáko sínú àpò ìyẹ̀fun, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Ọmọ mi, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi," ló wí. "Mo pàdánù lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ayé ló mọ iye tí ìyẹ̀fun di. Báwo ni mo ṣe tún máa san ₦600,000 owó orí lórí àdánù?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn rẹ̀ gba ọdún mẹ́ta kó tó pé, torí pé àdánù ọdún 2022 yẹn kò parí lọ́dún 2022. A gbé e síwájú, ó sì gba owó padà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó iye tí màámá rò. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ àwọn iye náà di odindi kí ìṣirò rẹ̀ lè rọrùn, mo sì ti yí ohun tí wọ́n lè fi dá ẹni náà mọ̀ padà.

Ohun tó wà nídìí ètò yìí ni pé èrè ni owó orí iléeṣẹ́ ń bá jà, bẹ́ẹ̀ ọdún kan ṣoṣo kéré láti fi wọn èrè. Ẹni tó pàdánù mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dún yìí tó jèrè mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò tíì jèrè kankan, gbèsè mílíọ̀nù méjì ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọdún ìṣirò dà bí kọ́ńgò tí a fi ń wọn gàrí: bí a bá gé e sí kọ́ńgò méjì, gàrí kò torí ẹ̀ pọ̀ sí i. Bí òfin bá wá gba owó orí lórí mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn láìbojú wẹ̀yìn, owó tí èèyàn fi ń sọ òwò rẹ̀ jí ló ń bù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà kí àdánù tẹ̀ lé onílé rẹ̀ lọ sí ọdún tí èrè bá dé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ dúró sí. Iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi límítẹ́ẹ̀dì ni mò ń sọ níbí, èyí tí owó orí rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ òwò lásán ṣiṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń sanwó orí fún gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan, ìlànà tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́: àdánù inú ìwé kì í ṣe àdánù owó orí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìwé ìṣirò màámá ọdún 2022 sọ pé wọ́n ta búrẹ́dì ₦120,000,000, wọ́n sì pàdánù ₦9,000,000. Ó ti ń fọkàn sí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án láti gbé síwájú. Mo ní kó ní sùúrù.

Àwọn owó kan wà tí a máa ń kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìnáwó, ṣùgbọ́n tí òfin owó orí kò kà sí ìnáwó. A gbọ́dọ̀ dá wọn padà kí a tó mọ àdánù tó ṣeé gbé. Mẹ́ta ló wà nínú ìwé màámá. Àkọ́kọ́ ni ₦2,400,000 tí wọ́n yọ fún gbígbó ààrò àti ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun. Òfin kò gba iye tí oníṣirò fúnra rẹ̀ dá lé ẹ̀rọ, ó ní àyọkúrò tirẹ̀ fún ẹ̀rọ, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èkejì ni ₦200,000 owó ìtanràn tí wọ́n san nítorí ìwé kan tó pẹ́. Ẹ̀kẹta ni ₦400,000 tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí "ìnáwó àlejò." Nígbà tí mo wádìí, ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀ ni, wọ́n fi owó ilé búrẹ́dì ra ìrẹsì àti ẹran. Ìnáwó tó dára ni lójú ẹbí, àmọ́ kò sí búrẹ́dì kankan tó ti ibẹ̀ jáde.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Nígbà tí a dá wọn padà, àdánù tó kù jẹ́ ₦6,000,000. Òun nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọdá sí ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣókí lórí àyọkúrò ẹ̀rọ: bí iléeṣẹ́ kò bá ní èrè tí yóò yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀, òun náà ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n ní ìlà tirẹ̀. Kì í wọnú àdánù. Mo ti rí ìwé tí wọ́n po wọn pọ̀, tí òṣìṣẹ́ owó orí sì da gbogbo rẹ̀ nù títí wọ́n fi lọ tún un ṣe. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àpẹẹrẹ yìí kí a lè máa rí ọ̀nà, mo sì yọ owó orí ẹ̀kọ́ gíga tí iléeṣẹ́ ń san lọ́tọ̀ nígbà náà kúrò pẹ̀lú.

Èkejì: kí àdánù náà wà lákọsílẹ̀ lọ́dún tó ṣẹlẹ̀

Iléeṣẹ́ tó bá parí ọdún ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ní oṣù mẹ́fà láti fi ìwé ránṣẹ́, ìyẹn títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó pàdánù ló máa ń sọ pé, "Kò sí èrè, kí ni mo fẹ́ lọ fi ránṣẹ́?" Ọdún tí ẹ pàdánù gan-an ni ìwé yín ṣe pàtàkì jù. Lábẹ́ òfin owó orí iléeṣẹ́ tó wà nígbà náà, àdánù tó ṣeé yọ ni èyí tó dá àjọ owó orí lójú pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá wá ní ọdún kẹta, tí èrè ti dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mẹ́nu ba àdánù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ojú wo lẹ rò pé wọn yóò fi wò ó?

Nítorí náà ni a ṣe kó àpò ìyẹ̀fun yẹn jáde. A to ìwé àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun fún un, ti ṣúgà, ti dísẹ́ẹ̀lì, a sì fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ báńkì lóṣooṣù. Ìyẹ̀fun bí i ₦1,100,000 wà tí kò ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti inú báńkì lọ sọ́dọ̀ olùtà kan náà tí wọ́n ń bá rà tẹ́lẹ̀. A lọ gba ẹ̀dà ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní owó ọwọ́ ni wọ́n fi ra á ni, mi ò bá ti yọ ọ́ kúrò.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́: àjọ owó orí lè padà sẹ́yìn dé ọdún mẹ́fà láti yẹ ìwé wò, kódà ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀tàn bá wà níbẹ̀. Fún àdánù, ẹ má ka ọdún mẹ́fà yẹn láti ọdún tí àdánù ṣẹlẹ̀. Ẹ kà á láti ọdún tí ẹ lo èyí tó kù nínú rẹ̀. Ìwé ọdún 2022 tí ẹ bá lò ní ọdún 2025, ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Ní oṣù kẹfà yẹn, a fi ìwé ránṣẹ́ lórí TaxPro Max, ojú òpó ayélujára àjọ owó orí, àdánù ₦6,000,000 sì hàn níbẹ̀. Síbẹ̀ màámá san ₦600,000, òun ló sì bí ìbéèrè rẹ̀. Òfin ìgbà yẹn sọ pé iléeṣẹ́ tí òwò rẹ̀ bá kọjá mílíọ̀nù 25 lọ́dún gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá 0.5 nínú 100 lórí gbogbo ọjà tó tà, ì báà jèrè, ì báà pàdánù. Ìdá 0.5 nínú 100 lórí ₦120,000,000, iye tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó mi orí. "Ìyẹn ni pé owó orí lórí òógùn mi."

Mi ò lè bá a jiyàn.

Ẹ̀kẹta: jíjẹ àdánù náà, ọdún kan tẹ̀ lé èkejì

Ẹ ṣí ojú ìwé kan tí yóò máa wà fún àdánù nìkan. Ẹ kọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, òwò tó ti wá, iye rẹ̀, iye tí ẹ lò lọ́dọọdún, àti iye tó kù. Ojú ìwé yìí la óò máa fi wé ohun tó wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bí iye tó kù lọ́dọ̀ yín bá yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ béèrè lọ́dún náà gan-an, nígbà tí ìwé ṣì wà nítòsí.

Ọdún 2023 dé. Wọ́n ta búrẹ́dì ₦150,000,000, àwọn ọmọ yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sì rà púpọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a dá ohun tó yẹ padà, èrè jẹ́ ₦4,000,000. A mú mílíọ̀nù mẹ́rin nínú àdánù mẹ́fà, a fi pa èrè yẹn run. Àdánù tó kù di ₦2,000,000, èrè tí owó orí lè bá di òdo.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná, torí ibẹ̀ ni kókó wà. Owó orí lórí èrè ti di òdo, ṣùgbọ́n ìdá 0.5 nínú 100 yẹn ṣì ń dúró: lórí ₦150,000,000, ó jẹ́ ₦750,000. Màámá san án. Ká ní kò ní àdánù kankan láti ẹ̀yìn, kí ni ì bá san? Iléeṣẹ́ tí òwò rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 100 ń san ìdá 30 nínú 100 lórí èrè. Lórí mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦1,200,000 ni. Àdánù mílíọ̀nù mẹ́rin tí a lò gbà á lọ́wọ́ ₦450,000 péré.

Ọdún 2024 yá gágá. Wọ́n ta ₦190,000,000, èrè jẹ́ ₦11,000,000. A yọ àdánù mílíọ̀nù méjì tó kù, èrè di mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, owó orí rẹ̀ di ₦2,700,000. Láìsí àdánù, ₦3,300,000 ni ì bá jẹ́. Mílíọ̀nù méjì yìí gba ₦600,000 là.

Bí a bá tò ó:

| Ọdún ìṣirò | Èrè tàbí àdánù | Àdánù tí a lò | Àdánù tó kù | Owó orí tí a san | Owó tí àdánù gbà là |
|---|---|---|---|---|---|
| 2022 | àdánù 6,000,000 | – | 6,000,000 | 600,000 | – |
| 2023 | èrè 4,000,000 | 4,000,000 | 2,000,000 | 750,000 | 450,000 |
| 2024 | èrè 11,000,000 | 2,000,000 | 0 | 2,700,000 | 600,000 |

Ẹni tó bá fi ìdá 30 nínú 100 ṣe ìṣirò lórí mílíọ̀nù mẹ́fà yóò retí ₦1,800,000. Iye tó wọlé jẹ́ ₦1,050,000. Níbo ni ₦750,000 tó kù wọlẹ̀ sí? Ọdún 2023 ló gbé e mì. Lọ́dún yẹn, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ péré nínú àdánù ti tó láti fa owó orí wálẹ̀ dé ₦750,000 tí kò lè lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ tí a lò tẹ̀ lé e kò ṣe nǹkan kan, ó kàn jóná bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ààrò.

Màámá rí i kíá. "Ṣebí kí a tọ́jú mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ yẹn di ọdún tó ń bọ̀?"

Òun náà ni mo fẹ́ ṣe. Òfin kò gbà. Ohun tó sọ ni pé àdánù gbọ́dọ̀ lọ sórí èrè ọdún àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, títí dé ibi tí èrè náà lè gbé e dé, kí ìyókù tó kọjá sí ọdún kejì. Ẹ ò lè yan ọdún tó wù yín. Ẹni tó bá fo ọdún kan, tó tọ́jú àdánù rẹ̀ de ọdún tó dára, òṣìṣẹ́ owó orí yóò ṣe é bí ẹni pé ó ti lò ó lọ́dún tó fò, yóò sì gé e kúrò. Mo rí iléeṣẹ́ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, owó orí tuntun pẹ̀lú ìtanràn àti èlé lórí rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà.

Kí nìdí tí òfin fi ń pààlà

Àwọn ààlà tí òfin pa fún màámá nìyí: kí àdánù jẹ èrè òwò kan náà nìkan, kó lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kó má kọjá iye tó jẹ́, àti kó má padà sẹ́yìn. Nígbà kan rí, ọjọ́ tún wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú: àdánù iléeṣẹ́ ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọdún 2007 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́. Àwọn ìlú mìíràn ṣì ní òṣùwọ̀n tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, àdánù láti ọdún 2018 kò lè jẹ ju ìdá 80 nínú 100 èrè ọdún kan lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2017, iléeṣẹ́ ńlá tó bá ti lo mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn kò lè lò ju ìdajì èrè tó kù lọ.

Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn: ìjọba ń ná owó lọ́dọọdún. Bí ọdún burúkú kan bá gbá gbogbo òwò, tí gbogbo wọn sì ń gbé àdánù wọn sórí ọdún rere mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àpò ìjọba gbẹ lọ́dún tí ó yẹ kó kún. Ìdá 80 tàbí ìdajì yẹn ń jẹ́ kí owó kékeré wọlé, kí àdánù náà sì pẹ́ díẹ̀ kó tó tán, láìgbà á lọ́wọ́ onílé rẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n yẹn dára ju ìdá 0.5 tó ń jó àdánù ènìyàn run lọ.

Ìdí kejì ló le. Àdánù jẹ́ ohun tó níye, ohun tó bá sì níye, ẹnì kan yóò fẹ́ rà á. Ẹ wò ó: iléeṣẹ́ ìlọ̀-àgbàdo kan wà tó ti kú, kò ní ẹ̀rọ, kò ní oníbàárà, àdánù mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ló kù nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń jèrè lórí sìmẹ́ńtì lè fẹ́ rà á ní mílíọ̀nù márùn-ún, kó da òwò sìmẹ́ńtì rẹ̀ sínú rẹ̀, kó sì sọ pé òun ń yọ àdánù. Mílíọ̀nù ọgbọ̀n owó orí ni ì bá fi márùn-ún pamọ́. Ìlànà òwò kan náà ni wọ́n fi dí ihò yìí: àdánù tó ti ibi ìlọ̀-àgbàdo wá, èrè ìlọ̀-àgbàdo nìkan ló lè jẹ, èrè sìmẹ́ńtì kò kàn án. Ẹni tó bá wá fi àdánù lọ̀ yín fún rírà, ẹ bi í léèrè òwò wo ló pa á, àti bóyá òwò yẹn ṣì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan màámá fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí mílíọ̀nù méjì àdánù ṣì wà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí wọ́n pa ilé búrẹ́dì tì, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì máa ta omi inú ọ̀rá lábẹ́ iléeṣẹ́ kan náà. Mo sọ fún wọn pé àdánù búrẹ́dì kò lè mu omi. Bí wọ́n bá dáwọ́ búrẹ́dì dúró, èrè tí yóò jẹ ẹ́ kò ní dé mọ́.

Àṣìṣe mìíràn tó pọ̀ níhìn-ín ni ti ẹni tó ń fi orúkọ òwò ṣiṣẹ́, tó pàdánù, tó wá dá límítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó rò pé àdánù yóò tẹ̀ lé e nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà, ojú kan náà. Lójú òfin, límítẹ́ẹ̀dì jẹ́ ẹlòmíràn. Àdánù náà kù sọ́dọ̀ ẹni tó ní in.

Ohun tó yí padà láti ọdún 2026

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2026. Iléeṣẹ́ tí òwò rẹ̀ kò bá ju mílíọ̀nù 100 lọ lọ́dún, tí ohun ìní rẹ̀ bí ilé àti ẹ̀rọ kò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, bọ́ lọ́wọ́ owó orí iléeṣẹ́, àyàfi àwọn tó ń fi iṣẹ́ òye ṣe òwò bíi tèmi yìí. Ilé búrẹ́dì màámá ga ju ìyẹn lọ, nítorí náà ìṣirò àdánù ṣì kàn án.

Ìdá 0.5 lórí ọjà tí a tà ti lọ ní tirẹ̀. Owó orí tó kéré jù tó rọ́pò rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí òwò wọn ń wọ bílíọ̀nù ló wà fún. Àmọ́ owó mìíràn dé, ìdá 4 nínú 100 fún ìdàgbàsókè, tó rọ́pò owó orí ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn owó mìíràn bíi rẹ̀, orí èrè ni wọ́n sì ń gbà á kí a tó yọ àdánù àti àyọkúrò ẹ̀rọ. Àdánù yín kò lè bò ó.

Ẹ jẹ́ ká tún ọdún 2023 yẹn ṣe lábẹ́ òfin tuntun. Èrè mílíọ̀nù mẹ́rin, àdánù mẹ́fà. Owó orí iléeṣẹ́ di òdo. Ìdá 4 lórí mílíọ̀nù mẹ́rin jẹ́ ₦160,000. Màámá ì bá san ìyẹn dípò ₦750,000 àti owó orí ẹ̀kọ́ gíga, mílíọ̀nù mẹ́rin àdánù tó lò ì bá sì gba gbogbo ₦1,200,000 owó orí iléeṣẹ́ là, láìsí èyí tó jóná. Nítorí náà ẹ ya ìlà méjì sọ́tọ̀ nínú ìṣirò yín: èyí tí àdánù lè kàn, àti èyí tí kò lè kàn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àdánù ti mú yín bọ́ pátápátá, ẹ wo ìlà kejì.

Màámá tún wá lóṣù tó kọjá. Ó ti fẹ́ dá ẹ̀ka omi inú ọ̀rá yẹn sílẹ̀ báyìí, bí ilé búrẹ́dì ṣe ń lọ. Mo fa ìlà kan sáàárín ojú ìwé rẹ̀, mo kọ "búrẹ́dì" sí apá òsì, mo kọ "omi" sí apá ọ̀tún, mo sì ní kí ọmọ rẹ̀ lọ ra ìwé rìsíìtì tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.